Iye Mítà Kọ́ Ni Iye Kànga: Àtúnṣe Àṣìṣe Kan Lórí Owó Kànga Ẹ̀rọ ní Àjàṣẹ́

Ìbéèrè kan ni ọ̀pọ̀ onílé ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, máa ń kọ́kọ́ bi agbẹ́kànga: "Èló ni mítà kan?" Bí wọ́n bá ti gbọ́ iye náà, wọn a fi jíjìn kànga aládùúgbò sọ ọ́ di púpọ̀, wọn a sì gbà pé àwọn ti mọ iye tí kànga tiwọn yóò jẹ. Bí agbẹ́kànga méjì bá wá, ẹni tí iye mítà tirẹ̀ kéré ni wọ́n á gbé iṣẹ́ fún.

Ìṣirò yìí kò tọ̀nà, àṣìṣe inú rẹ̀ kò sì kéré. Ní irú ilẹ̀ tí Àjàṣẹ́ wà, ó lè mú kí onílé yan ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, kí ó sì rò pé òun ti rí ọjà. Ó tún lè mú kí ó ra pọ́ǹpù tí agbára rẹ̀ ju ti kànga lọ, kí yanrìn sì ba pọ́ǹpù náà jẹ́ kí gbèsè rẹ̀ tó tán lọ́rùn.

Ohun tí ìṣirò náà gbójú fò ni pé mítà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú kànga ẹ̀rọ kan. Mítà ihò tí ẹ̀rọ gbẹ́ wà lọ́tọ̀. Mítà páìpù tí wọ́n sọ̀ sínú ihò náà wà lọ́tọ̀. Mítà tí pọ́ǹpù yóò fi gbé omi gòkè, láti ojú omi nínú ihò títí dé ẹnu táńkì, tún wà lọ́tọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà dọ́gba, olúkúlùkù ló sì ní iye tirẹ̀. Yàtọ̀ sí wọn, owó kan tún wà tí kò bá mítà rìn rárá: owó kíkó ẹ̀rọ wá, owó fífọ kànga, owó táńkì àti owó òpó tí yóò gbé táńkì dúró. Yálà ihò jìn, yálà kò jìn, a ó san án.

Àṣìṣe yìí kò ṣàdédé wáyé. Orísun rẹ̀ kìíní ni kànga ọwọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ní ti kànga ọwọ́, òótọ́ ni pé mítà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo owó. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ń fi díggà àti ṣọ́bìrì sọ̀ kalẹ̀, òrùka kọnkéré kan ń tẹ̀lé òmíràn, bí ihò bá sì ti jìn tó ni iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí omi bá yọ, garawa àti okùn ló kù. Kò sí pọ́ǹpù, kò sí táńkì, kò sí ẹni tó ń bèèrè bí omi ṣe máa wálẹ̀ tó nígbà tí a bá ń fà á. Nígbà tí kànga ẹ̀rọ dé, àwọn ènìyàn gbé ọ̀nà ìdúnàádúrà àtijọ́ lé iṣẹ́ tuntun lórí.

Orísun kejì ni ilẹ̀ olókùúta. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdásà ní àárín orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, bí ó ti rí ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, àpáta líle ló wà nísàlẹ̀, erùpẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ kò sì nípọn púpọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ lu òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ àpáta náà. Páìpù tí wọ́n ń sọ̀ kì í sábà kọjá ibi tí erùpẹ̀ ti pàdé àpáta, nítorí pé àpáta fúnra rẹ̀ ni ògiri ihò láti ibẹ̀ lọ. Ihò mítà 60 lè má gbà ju páìpù mítà 15 tàbí 20 lọ. Níbẹ̀, gbígbẹ́ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó ihò, iye mítà sì súnmọ́ òtítọ́ díẹ̀. Ẹni tó gbọ́ iye yìí lẹ́nu mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ń gbé ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó sì gbé e wá sí Àjàṣẹ́, ti gbé òṣùwọ̀n ilẹ̀ kan wá wọn ilẹ̀ mìíràn.

Ilẹ̀ Àjàṣẹ́ kò ní àpáta tí ènìyàn lè tètè kàn. Ìlú náà wà ní ìparí òkè pẹrẹsẹ tó ti Sakétẹ́ wá, tó sì dà gẹ̀rẹ̀ sí etí ọ̀sà. Lókè ni ilẹ̀ amọ̀ pupa tí àwọn mọlémọlé mọ̀ dáadáa. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni yanrìn àti amọ̀ ń gbara wọn nípò, ìpele lé ìpele, ohun tí omi ìgbà láéláé gbé wá dà síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe ìpele yìí ní Kọ́ńtínáńtàlì Tẹ́mínálì. Omi pọ̀ nínú yanrìn rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí SONEB, ilé-iṣẹ́ omi orílẹ̀-èdè náà, ní àwọn kànga jíjìn tirẹ̀ ní Wàǹdó, nínú ìlú náà. Ṣùgbọ́n yanrìn tó ní omi kì í dá dúró. Bí a bá gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ tí a fi í sílẹ̀, yóò ya lulẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹni tó bá dúró ti àwọn agbẹ́kànga fún ọjọ́ kan yóò rí bí wọ́n ṣe ń bá yanrìn yìí jà. Wọ́n á gbẹ́ kòtò kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á po omi mọ́ amọ̀ àkànṣe tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńtónáìtì títí yóò fi ki bí ọbẹ̀ ilá, wọ́n á sì máa fi pọ́ǹpù tì í gba inú ọ̀pá ẹ̀rọ lọ sísàlẹ̀. Omi ẹrẹ̀ yìí ń gbé erùpẹ̀ tí irin gé jáde, ìwúwo rẹ̀ ló sì ń ti ògiri ihò kí ó má ya. Agbẹ́kànga tó mọṣẹ́ á máa fi asẹ́ gba erùpẹ̀ náà ní ẹnu ihò, á fọ̀ ọ́, á sì tò ó sílẹ̀ ní òkìtì kéékèèké, ọ̀kan fún mítà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìlà òkìtì yẹn á ti gùn: pupa níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà pupa tó dà mọ́ yẹ́lò, lẹ́yìn náà amọ̀ funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, àti lẹ́yìn rẹ̀ yanrìn tó mọ́, tó rí ṣákaṣàka ní àtẹ́lẹwọ́. Inú ìlà òkìtì yìí ni iye owó kànga náà wà. Òun ló ń sọ ibi tí páìpù alásẹ́ yóò wà, bí ojú asẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó, àti ibi tó yẹ kí gbígbẹ́ dúró. Agbẹ́kànga tí kò to erùpẹ̀ sílẹ̀ ń fojú di ilẹ̀ ni.

Nítorí náà, ní Àjàṣẹ́, páìpù gbọ́dọ̀ bá ihò dé ìsàlẹ̀. Ibi tí iye mítà ti kọ́kọ́ ń tan onílé jẹ nìyẹn, nítorí pé agbẹ́kànga kan lè sọ iye gbígbẹ́ nìkan, kí èkejì sì sọ iye gbígbẹ́ pẹ̀lú páìpù, kí àwọn méjèèjì sì pe ohun tí wọ́n sọ ní "mítà kan".

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan pátápátá. Iye owó tí mo fẹ́ lò, mo mú wọn fún àpẹẹrẹ ni. Kí olúkúlùkù fi iye tí wọ́n bá bù fún un rọ́pò wọn. Ká ní agboolé kan wà ní apá Wàǹdó, tí yanrìn tó dára wà níbẹ̀ láti mítà 45 sí 57, tí ihò sì dúró ní mítà 60. Ihò náà fẹ̀ tó ínṣì mẹ́jọ àti ààbọ̀, ìyẹn mìlímítà 216. Páìpù rọ́bà tó nípọn, tí ìbú òde rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 125, ni wọ́n sọ̀ sínú rẹ̀. Ẹyọ páìpù kan gùn ní mítà mẹ́ta.

Láti ìsàlẹ̀, ẹyọ kan tí kò lójú, tí wọ́n dí ìdí rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Inú rẹ̀ ni yanrìn tó bá sá wọlé yóò máa jókòó sí. Lórí rẹ̀ ni ẹyọ mẹ́rin alásẹ́, láti mítà 57 sí 45. Lórí wọn ni ẹyọ 15 tí kò lójú, àti ẹyọ kan sí i tí wọ́n á gé kí ó lè yọ sókè ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹyọ 21. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ ni wọ́n máa ń dà sí àárín páìpù àti ògiri ihò, láti ìsàlẹ̀ títí kọjá orí asẹ́ ní mítà mélòó kan. Nínú ihò tiwa yìí, bí a bá dà á dé mítà 39, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì mítà onígun mẹ́ta. Sìmẹ́ńtì ni yóò dí mítà díẹ̀ tó súnmọ́ òkè kí omi ojú àgbàrá má bàa gba ẹ̀gbẹ́ páìpù ṣàn wọlé.

Agbẹ́kànga kìíní sọ pé mítà kan jẹ́ 15,000 sẹ́fà. Onílé sọ ọ́ di púpọ̀ ní 60, ó rí 900,000, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n gbígbẹ́ nìkan ni agbẹ́kànga yìí ń sọ. Páìpù tí kò lójú jẹ́ 12,000 fún ẹyọ kan, èyí tó lójú jẹ́ 15,000. Ẹyọ 17 àti ẹyọ mẹ́rin papọ̀ di 264,000. Òkúta wẹ́wẹ́ àti sìmẹ́ńtì jẹ́ 50,000. Kíkó ẹ̀rọ wá àti gbígbé e dúró jẹ́ 150,000. Fífọ kànga àti dídán an wò jẹ́ 120,000. Nígbà tí omi tó mọ́ fi máa jáde, owó ti di 1,484,000.

Agbẹ́kànga kejì sọ pé mítà kan jẹ́ 22,000, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé páìpù, òkúta wẹ́wẹ́, sìmẹ́ńtì, ọkọ̀ ẹ̀rọ, fífọ àti dídánwò wà nínú rẹ̀. Fún mítà 60, ó jẹ́ 1,320,000. Ẹni tí iye mítà tirẹ̀ ga ju ti agbẹ́kànga kìíní lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìdajì ni owó rẹ̀ wá fi 164,000 kéré.

Àmọ́ kì í ṣe ní gbogbo jíjìn ni èkejì yóò máa borí, ibí yìí ló sì yẹ kí ènìyàn tẹjú mọ́. Ti agbẹ́kànga kìíní ní owó kan tí kì í yẹ̀, nǹkan bí 344,000, tí a ó san bí ihò tilẹ̀ kúrú. Lẹ́yìn ìyẹn, mítà kọ̀ọ̀kan ń fi 19,000 kún un: 15,000 fún gbígbẹ́ àti 4,000 fún ìdá kan nínú mẹ́ta ẹyọ páìpù. Ti èkejì kò ní owó ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n 22,000 ni mítà kọ̀ọ̀kan ń fi kún un. Ìyàtọ̀ 3,000 lórí mítà kan ni yóò máa jẹ 344,000 náà díẹ̀díẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì ní dọ́gba títí ihò yóò fi jìn tó nǹkan bí mítà 115. Ẹni tí ihò rẹ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀, èkejì ni kó mú. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń béèrè jùyẹn lọ, kìíní ni. Nítorí náà, a kò lè mọ ẹni tí owó rẹ̀ kéré láìmọ jíjìn tí ilẹ̀ yóò béèrè. Iye mítà nìkan kò lè sọ ọ́ fún wa láé.

Ọ̀nà mìíràn wà tí agbẹ́kànga lè gbà mú iye mítà wálẹ̀, tí ojú kò sì ní rí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bo ẹnu kànga: kí ó gbẹ́ ihò tóóró. Irin kékeré yára ju irin ńlá lọ, epo tí ó ń jó kò pọ̀. Nínú ihò mìlímítà 216, páìpù 125 ní àyè tó lé ní mìlímítà 45 yí ká, òkúta wẹ́wẹ́ sì lè sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Nínú ihò ínṣì mẹ́fà, àyè náà kò pé mìlímítà 14. Òkúta wẹ́wẹ́ á há sí agbede méjì, asẹ́ nísàlẹ̀ á wà ní ìhòòhò nínú yanrìn. Èyí tó tún burú jù ni ti àwọn tó ń ra páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń da omi balùwẹ̀ nù, tí wọ́n á fi ayùn irin la ojú sí i lára. Ojú tí ayùn là máa ń fẹ̀ ju ẹyọ yanrìn lọ, páìpù náà kò sì lè gba ìwúwo ilẹ̀ mítà 60. Ìdánwò rẹ̀ kò nira. Ẹ bu omi kànga sí garawa funfun lẹ́yìn tí pọ́ǹpù bá ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ sì wo ìdí garawa. Ìwọ̀nba díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́ ìdọ̀tí ìgbà iṣẹ́. Bí yanrìn bá ṣì ń jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn fífọ, ilẹ̀ ni ẹ ń fà wọlé yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, níbi tí mítà kẹta wà. Àwọn tó ń ta pọ́ǹpù máa ń bèèrè pé mítà mélòó ni kànga yín, onílé a sì dáhùn pé 60. Ìdáhùn yẹn kò bá ìbéèrè tó yẹ mu. Omi kì í dúró sí ìsàlẹ̀ ihò. Nígbà tí asẹ́ bá ti là sínú yanrìn tó ní omi, omi á gun inú páìpù wá sókè, á sì dúró níbi tí agbára rẹ̀ gbé e dé. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, ká ní ó dúró ní mítà 18 sí ojú ilẹ̀. Nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fa lítà 2,000 ní wákàtí kan, ojú omi á wálẹ̀ sí mítà 26, á sì dúró síbẹ̀. Mítà 26 ni pọ́ǹpù ń bá jà. Ìyókù ihò, láti 26 dé 60, omi fúnra rẹ̀ ló ń gbé ara rẹ̀ gòkè níbẹ̀, kò ná wa ní nǹkan kan.

Ká fi mítà méje kún un, láti ojú ilẹ̀ dé ẹnu táńkì, àti mítà mẹ́ta fún agbára tí páìpù àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń jẹ. Gbogbo rẹ̀ di mítà 36. Ìṣirò agbára rẹ̀ nìyí: 2,000 × 9.81 × 36 ÷ 3,600, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ wáàtì 196. Pọ́ǹpù kékeré pẹ̀lú mọ́tọ̀ rẹ̀ kì í sábà sọ ju nǹkan bí 40 nínú 100 iná tó ń jẹ lọ di iṣẹ́, nítorí náà yóò gba wáàtì bí 490. Pọ́ǹpù ìdajì kílówáàtì tó lé díẹ̀, tí wọ́n kọ 0.55 sí lára, yóò ṣe é láìlàágùn. Ẹni tó fi 60 ṣe ìṣirò tirẹ̀ yóò rí mítà 70, yóò sì gbé pọ́ǹpù kílówáàtì 1.1 wá sílé. Ó ti sanwó lé, owó tó lé náà sì ni apá tó rọrùn jù nínú ìyà rẹ̀.

Pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe fún mítà 70, tí ó bá rí i pé 36 péré ni òun ń gbé, kì í rọra. Ńṣe ni yóò máa tú omi jáde ju lítà 2,000 tí a fẹ́ lọ. Ká ní ó fa 3,500. Kànga tiwa ń jẹ́ kí omi wálẹ̀ ní mítà mẹ́rin fún lítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ojú omi á wálẹ̀ ní mítà 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀, á sì dé 32. Bí pọ́ǹpù bá wà ní mítà 36, mítà mẹ́rin péré ló kù lórí rẹ̀. Ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí fa afẹ́fẹ́. Kí ìyẹn tilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, omi tó ń sáré gba ojú asẹ́ wọlé á ti máa fa yanrìn tìkítìkí, yanrìn á sì máa yún inú pọ́ǹpù. Onílé á sọ pé agbẹ́kànga ló ba iṣẹ́ jẹ́. Agbẹ́kànga á sọ pé pọ́ǹpù ló burú. Ìdáhùn tí onílé fún ẹni tó ta pọ́ǹpù ló dá ẹjọ́ náà sílẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé owó dídán kànga wò ni owó tó lérè jù nínú gbogbo ìnáwó yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni onílé kọ́kọ́ máa ń ní kí wọ́n yọ kúrò. Iṣẹ́ náà kò ju pé kí wọ́n sọ okùn oníwọ̀n sínú páìpù kí pọ́ǹpù tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ ibi tí omi wà sílẹ̀, kí wọ́n wá fa omi fún wákàtí mélòó kan ní ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì máa kọ ojú omi sílẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà títí yóò fi dúró. Iye méjì tó jáde níbẹ̀, ibi tí omi dúró sí kí a tó fà á àti ibi tó wálẹ̀ dé, ni kí onílé mú lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta pọ́ǹpù. Ẹni tó ra pọ́ǹpù kí wọ́n tó dán kànga wò ti ra fìlà fún orí tí kò tíì rí.

Mítà kẹta yìí kan náà ló tún ṣàlàyé ohun kan tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Bí a bá gbẹ́ kànga tiwa dé mítà 75 dípò 60, nítorí pé yanrìn tó dára jù wà nísàlẹ̀, owó pọ́ǹpù lè má fi sẹ́fà kan pọ̀ sí i. Owó gbígbẹ́ mítà 15 àti ẹyọ páìpù márùn-ún, ìyẹn 285,000 lọ́dọ̀ agbẹ́kànga kìíní, ni yóò kún un. Bí ojú omi bá ṣì dúró ní 18, tí yanrìn náà sì ń fún wa lómi dáadáa jù, ojú omi kò tilẹ̀ ní wálẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ pọ́ǹpù á sì dín kù díẹ̀.

Ní ti táńkì àti òpó rẹ̀, wọ́n wà lára owó kànga bí ènìyàn fẹ́ bí ó kọ̀. Pọ́ǹpù pẹ̀lú okùn iná, páìpù tó ń gbé omi gòkè àti àpótí ìdarí rẹ̀, ká ní 300,000. Táńkì lítà 2,000, ká ní 160,000. Òpó kọnkéré mítà márùn-ún, 450,000. Páìpù àti iná tó so wọ́n pọ̀, 100,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,010,000. Bí a bá fi kún ti agbẹ́kànga kìíní, ó di 2,494,000. Gbígbẹ́, tí í ṣe 900,000 tí onílé fi sọ́kàn níbẹ̀rẹ̀, kò ju 36 lọ nínú 100 owó náà. Bí a bá fi kún ti èkejì, ó di 2,330,000.

Ẹ kíyè sí i pé òpó wọ́n ju pọ́ǹpù lọ nínú àpẹẹrẹ yìí, kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Lítà 2,000 omi wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì, ó sì ní láti dúró lókè pẹ̀lú irin àti ìpìlẹ̀ tí kò ní yẹ̀ nígbà tí òjò bá rin ilẹ̀ amọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí gíga yẹn ń fún wa kò sì pọ̀: mítà mẹ́wàá gíga ló ń fún omi ní agbára báà kan, nítorí náà mítà márùn-ún kò fún un ju ìdajì báà lọ. Ó tó fún ẹ̀rọ omi àgbàlá àti ilé ìdáná. Ẹni tó ní ilé alájà méjì, tó sì fẹ́ kí omi ṣàn dáadáa ní balùwẹ̀ òkè, yóò gbé táńkì ga sí i. Mítà mẹ́ta tó fi kún òpó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan pọ́ǹpù, 36 yóò kàn di 39, ṣùgbọ́n yóò kan kọnkéré àti irin gidigidi.

Táńkì tún lè gba owó lọ́wọ́ pọ́ǹpù. Bí ìdánwò bá fi hàn pé kànga kò lè fúnni ju lítà 1,000 lọ ní wákàtí kan, onílé tí kò mọ̀ á bínú, á sì fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ṣùgbọ́n agboolé ènìyàn 12, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 60 lójúmọ́, kò nílò ju lítà 720 lọ. Pọ́ǹpù kékeré tó ń fa lítà 1,000 ní wákàtí kan yóò kún táńkì ní wákàtí méjì, omi náà á sì tó wọn ju ọjọ́ méjì lọ. Kànga tí omi rẹ̀ kò yára ń fẹ́ táńkì tó tóbi àti pọ́ǹpù tó rọra. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oògùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ti orí òkè ìlú ni. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà, tàbí tí a kọjá sí apá Sẹ̀mẹ̀ níbi tí òkun ti súnmọ́, ìlànà á yí padà. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ so mọ́ ọ̀sà Nokué àti òkun ní Kútọnu, ó sì tún ṣí lọ sí apá Àgbádárìgì àti Èkó, nítorí náà omi rẹ̀ máa ń ní iyọ̀ ní apá kan ọdún. Omi dídùn ló ń léfòó lórí omi iyọ̀ nínú yanrìn etí òkun, ẹni tó bá ń gbẹ́ síwájú tàbí tó ń fa omi pẹ̀lú ipá lè fa iyọ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Àwọn kànga Godomẹ tó ń fún Kútọnu lómi ti rí irú rẹ̀, pàápàá àwọn tó súnmọ́ ọ̀sà Nokué. Ní irú ibẹ̀, mítà tí a fi kún ihò lè jẹ́ owó tí a fi ra omi tí kò ṣeé mu, kí ènìyàn sì tọ́ omi wò, kí ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò, sàn ju kí ó máa ka mítà lọ.

Ó ku bí a ó ṣe san owó náà. Jíjìn tí wọ́n gbẹ́ àti jíjìn tí páìpù wọ̀ kì í fìgbà gbogbo dọ́gba ní ilẹ̀ oníyanrìn. Ìsàlẹ̀ ihò lè ya kí páìpù tó dé ibẹ̀, kí páìpù dúró ní 54, kí ìwé sì ka 60. Ẹ ka ọ̀pá ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá ń fà á jáde, kí ẹ sì fi gígùn ọ̀kan sọ iye wọn di púpọ̀. Ẹ ka ẹyọ páìpù tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, kí ẹ tún ka èyí tó ṣẹ́kù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ so irin kékeré mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sínú páìpù títí yóò fi kan ìdí, kí ẹ sì wọn okùn náà. Kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé jíjìn tí okùn yìí bá fi hàn ni ẹ ó sanwó rẹ̀, pé iye mítà tí wọ́n bù ní páìpù alásẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ àti fífọ nínú tàbí kò ní, àti pé apá kan owó náà yóò wà lọ́wọ́ onílé títí wọn yóò fi fa omi fún wákàtí tí ẹ jọ fẹnu kò sí, tí ìdí garawa sì mọ́.